Fọ́ǹdù Tó Ní Òun Ti Sẹ́ Èérí Kúrò: Báwo La Ṣe Ń Yẹ Asẹ́ Rẹ̀ Wò?

Ẹni tó bá gba ìwé pélébé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ báńkì ní Kàbà tàbí ní Ìsánlú, tàbí tí ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ábújá fi ìpolówó ránṣẹ́ sí lórí Wásáàpù, lè ti bá irú gbólóhùn yìí pàdé: "Fọ́ǹdù yìí ń ro ti àyíká àti ti àwùjọ kó tó náwó." Nígbà mìíràn lẹ́tà mẹ́ta péré ni wọ́n máa kọ síbẹ̀: ESG. E dúró fún àyíká, ìyẹn èéfín, omi, igbó àti ìdọ̀tí. S dúró fún àwùjọ, bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́ rẹ̀, sí oníbàárà, àti sí àwọn ará ìlú tó bá lórí ilẹ̀. G dúró fún bí wọ́n ṣe ń darí ilé-iṣẹ́ náà: ta ló ń yẹ ìwé owó wò, ta ló ń yan ọ̀gá, ṣé ẹni tó ní ṣíà díẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ka gbólóhùn yẹn tán, wọ́n á sì gbà pé owó àwọn ò ní dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ba odò jẹ́ tàbí tó ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ. Gbólóhùn náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè túmọ̀ sí ohun mẹ́rin tó yàtọ̀ síra, ẹyọ kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ṣèlérí pé ohun kan ò ní wọlé.

Owó ta ló wà nínú fọ́ǹdù, kí sì ni asẹ́?

Fọ́ǹdù ni kí ọ̀pọ̀ èèyàn da owó pọ̀, kí wọ́n fà á lé ẹni tó mọ ọjà lọ́wọ́ pé kó bá àwọn rajà. Kò dà bí èsúsú tí ẹnì kan máa ń kó lóṣù rẹ̀. Inú ọjà ni owó náà ń gbé, iye tí ọjà náà bá sì jẹ́ lónìí ni iye tí ìpín yín jẹ́. Ẹni tó ń rajà náà ni alábòójútó fọ́ǹdù. Ohun tó sábà máa ń rà ni ṣíà ilé-iṣẹ́, ìwé gbèsè ìjọba, àti owó tó ń fi sí báńkì fún ọjọ́ kan pàtó kó lè gba èlé.

Asẹ́ ni òfin tí alábòójútó fi ń pinnu ọjà tí kò ní rà. Ẹ wo ẹni tó ń sẹ́ ògì. Ó lè sọ fún yín pé òun ti sẹ́ ẹ, òótọ́ ló sì sọ, síbẹ̀ ohun tó máa ṣẹ́ kù sínú ògì náà wà lọ́wọ́ bí ojú asẹ́ ṣe fẹ̀ tó. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀, èérí á bá omi kọjá. Ìpolówó máa ń sọ fún wa pé wọ́n sẹ́ ẹ. Ojú asẹ́ ni kì í sọ.

Ohun mẹ́rin wo ni gbólóhùn kan náà lè túmọ̀ sí?

Èkíní ni yíyọ kúrò. Fọ́ǹdù sọ pé òun ò ní ra ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sìgá, ọtí, ohun ìjà tàbí tẹ́tẹ́. Èyí nìkan lèèyàn lè dì mú, torí pé ẹ lè ka orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nínú fọ́ǹdù, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kan lára wọn ń ṣe sìgá.

Èkejì ni yíyan èyí tó sàn jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀ka iṣẹ́ tí wọ́n yọ. Wọ́n kàn kó àwọn ilé-iṣẹ́ epo jọ, wọ́n mú èyí tó sàn díẹ̀ lára wọn. Fọ́ǹdù bẹ́ẹ̀ lè kún fún epo rọ̀bì kó má sì tíì parọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé "a ń rò ó mọ́ ọn." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àyíká wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó rà. Wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò tán kí wọ́n sì rà á bó ṣe wà. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ bíi "a lè", "a máa ń sapá láti" àti "níbi tó bá ti ṣeé ṣe", torí kò sí èyí tó di alábòójútó lọ́wọ́ nínú wọn.

Ẹ̀kẹrin ni pé "a ń bá wọn sọ̀rọ̀." Fọ́ǹdù ra ṣíà ilé-iṣẹ́ náà, ó ní òun á máa dìbò níbi ìpàdé ọdọọdún kí wọ́n lè tún ìwà ṣe. Èyí lè gbéṣẹ́ bí fọ́ǹdù náà bá tóbi. Fọ́ǹdù kékeré tó ní ẹyọ ṣíà kan nínú ẹgbẹ̀rún, bó pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, ta ni yóò gbọ́?

Báwo ni ojú asẹ́ ṣe ń fẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí yíyọ kúrò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan sìgá. Ilé ìtajà ńlá tó ń ta búrẹ́dì, ọṣẹ àti ìrẹsì náà ń ta sìgá. Nítorí náà, wọ́n á fi òdiwọ̀n kan sí i: bí iye tí ilé-iṣẹ́ kan rí lórí sìgá bá ju ìdá 5 nínú 100 gbogbo owó tó wọlé fún un, kó bọ́ síta. Ilé ìtajà tí náírà 4 nínú 100 rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ sìgá wá á kọjá. Fọ́ǹdù mìíràn á fi òdiwọ̀n tirẹ̀ sí ìdá 10, òmíràn sí 30. Gbogbo wọn á kọ ọ́ sára ìwé ìpolówó pé àwọn ti "yọ sìgá kúrò."

Òdiwọ̀n yìí ní àléébù kan tó fara sin. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wò, kì í wo bí nǹkan náà ṣe pọ̀ tó. Fọ́ǹdù ìjọba Nọ́wè, tó wà lára àwọn tó tóbi jù láyé, kọ́ èyí lójú ayé. Láti 2016 ni wọ́n ti ní òfin pé ilé-iṣẹ́ ìwakùsà tó bá ń rí ìdá 30 nínú 100 owó rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èédú ilẹ̀ lè bọ́ síta. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó jẹ́ èédú nìkan ni wọ́n ń wà bọ́ sọ́wọ́ òfin náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà nínú ìwakùsà, tí wọ́n ń wa bàbà, irin àti èédú pọ̀, gba àárín ojú asẹ́ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èédú tí ọ̀kan nínú wọn ń wà lọ́dún kan lè ju ti ọ̀pọ̀ àwọn kéékèèké náà lọ. Ní 2019 wọ́n fi òdiwọ̀n kejì kún un: ẹni tó bá ń wa ju mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún, ohun yòówù tí ì báà tún máa wà, lè bọ́ síta. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2020, wọ́n ti kéde pé Glencore àti Anglo American ti kúrò nínú fọ́ǹdù náà. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì yìí ò yí ìwà padà láàárín ọdún náà. Asẹ́ ni wọ́n pààrọ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí "a ti yọ èédú kúrò," ìbéèrè tó kàn ni pé: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ṣé òdiwọ̀n tọ́ọ̀nù wà níbẹ̀?

Kí ló dé tí sìmẹ́ńtì fi ń kọjá?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Kogí gan-an, torí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá wà ní Ọbájánà níbí. Ẹ mú òfin tó wọ́pọ̀ jù: kò sí ọtí, kò sí sìgá, kò sí ohun ìjà, kò sí tẹ́tẹ́. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì yòówù, níbikíbi láyé, á kọjá láì fara kan etí asẹ́.

Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá kan èéfín tó ń mú ayé gbóná, sìmẹ́ńtì wà lára àwọn tó ń tú u jáde jù, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe epo tí wọ́n ń sun nìkan. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe é. Tí iná bá mú òkúta yìí dáadáa, kábọ́ọ̀nù tó ti wà nínú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ á yọ lọ sójú ọ̀run, ohun tó bá kù ni wọ́n á fi ṣe kílíńkà, tí wọ́n á wá lọ̀ di sìmẹ́ńtì. Nínú 100 kìló òkúta ẹfun tó mọ́ gaara, kìló 44 ló ń di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù yìí. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fi oòrùn dáná sun ún, kìló 44 yẹn á ṣì jáde. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo kábọ́ọ̀nù tó ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ló ń ti inú òkúta fúnra rẹ̀ wá. Èyí tó kù wá látinú ohun tí wọ́n ń sun.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ṣíà sìmẹ́ńtì. Ilé tí a ń kọ́, afárá tí a ń gbà, sìmẹ́ńtì ni. Ohun tí a ń sọ ni pé asẹ́ tó ń béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ ń tà kò béèrè bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ nípa èéfín, eruku, tàbí àdéhùn pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ kò lè rí i nínú òfin pé kò sí ọtí, kò sí sìgá. Asẹ́ mìíràn nìyẹn, fọ́ǹdù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lọ́tọ̀ pé òun ní in.

Ṣé máàkì tí wọ́n ń fún ilé-iṣẹ́ ò tó?

Àwọn fọ́ǹdù mìíràn máa ń sọ pé kìkì ilé-iṣẹ́ tó gba máàkì gíga ni àwọn ń rà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé máàkì fífúnni ni iṣẹ́ wọn. MSCI ni a máa ń rí jù, láti AAA tó ga jù dé CCC tó rẹlẹ̀ jù. Ohun méjì ló yẹ kéèyàn mọ̀ nípa máàkì yẹn. Àkọ́kọ́, wọ́n ń fi ilé-iṣẹ́ wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, onísìmẹ́ńtì pẹ̀lú onísìmẹ́ńtì, onírẹsì pẹ̀lú onírẹsì. A ò lè fi máàkì onísìmẹ́ńtì wé ti báńkì ká ní ọ̀kan mọ́ ju èkejì lọ. Èkejì ló ń ya èèyàn lẹ́nu jù: ohun tí wọ́n ń díwọ̀n ni bí ọ̀rọ̀ àyíká àti àwùjọ ṣe lè pa owó ilé-iṣẹ́ náà lára. Kì í ṣe bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń pa àyíká lára. Bí ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ kan bá ń ṣàn sódò àwọn ẹlòmíràn, tí kò sì sí òfin tàbí ẹjọ́ tó lè mú un náwó lé e lórí, ìdọ̀tí náà lè má fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú máàkì.

Àwọn tó ń fúnni ní máàkì gan-an kì í fẹnu kò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 fi máàkì ilé-iṣẹ́ mẹ́fà irú èyí wé ara wọn. Bí gbogbo wọn bá fẹnu kò pátápátá, iye tó yẹ kó jáde ni 1. Bí máàkì ti ọ̀kan kò bá bá ti èkejì tan rárá, 0 ni. Ohun tí wọ́n rí láàárín méjì-méjì wà láti 0.38 dé 0.71, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 0.54. Nítorí náà, fọ́ǹdù tó bá fẹ́ gbóríyìn fún ara rẹ̀ lè wá ẹni tí máàkì rẹ̀ bá a lára mu.

Báwo la ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ fọ́ǹdù wò?

Ẹni tó bá ń ra kajú ní àgbègbè wa mọ̀ pé wọn kì í ra àpò lójú lásán. Wọ́n á mú díẹ̀ lókè, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á dà á pọ̀, wọ́n á wọn kìló kan, wọ́n á ka ẹyọ tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá gé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí méjì, wọ́n á ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti rà àti èyí tí kò gbó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe kajú náà ni ká ṣe fọ́ǹdù.

Ìwé méjì la máa nílò. Ọ̀kan ni ìwé àlàyé fọ́ǹdù, èyí tí wọ́n ń pè ní pirọsipẹ́kítọ́ọ̀sì, níbi tí òfin tó de alábòójútó wà. Ẹ wá orí tó sọ nípa ohun tí wọ́n máa náwó lé, kí ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo "kò gbọ́dọ̀" tó wà níbẹ̀. Tí kò bá sí ẹyọ kan, ìpolówó ò ní gbòǹgbò. Ìkejì ni àkọsílẹ̀ ohun tí fọ́ǹdù ní lọ́wọ́. Ewé kan tó máa ń jáde lóṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sábà máa ń fi ọjà márùn-ún tàbí mẹ́wàá tó tóbi jù hàn. Àkọsílẹ̀ tó kún jù wà nínú ìwé owó ọdọọdún tí àwọn ayẹ̀wéwò ti fọwọ́ sí. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, torí àkọsílẹ̀ oṣù Kejìlá ò sọ ohun tí wọ́n rà ní oṣù Kẹrin.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú èyí, ẹ kọ́kọ́ wo ìkànnì sec.gov.ng bóyá orúkọ fọ́ǹdù náà wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn fọ́ǹdù tí SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, ti forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ máa rí i pé wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí, wọ́n kó àwọn fọ́ǹdù tó ń tẹ̀ lé ìlànà ìwà rere jọ sábẹ́ ọ̀kan, wọ́n sì kó àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà Ṣàríà sábẹ́ òmíràn. Wíwà níbẹ̀ fi hàn pé fọ́ǹdù náà kì í ṣe ti àwọn gbájúẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé àjọ náà ti tọ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká gé ọ̀kan wò

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu dá fọ́ǹdù kan sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Bílíọ̀nù kan náírà ló wà nínú rẹ̀. Ìpolówó rẹ̀ ní: "Gbogbo ṣíà wa ló ti gba inú asẹ́ àyíká àti àwùjọ kọjá." A ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ohun tí a rí nìyí. Mílíọ̀nù 400 wà nínú tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, ìyẹn ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú tí ìjọba àpapọ̀ ń tà. Mílíọ̀nù 150 wà ní báńkì tó ń gba èlé. Mílíọ̀nù 450 tó kù ló wà nínú ṣíà. Nínú ṣíà náà, báńkì àkọ́kọ́ gba 110, báńkì kejì gba 80, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù gba 90, sìmẹ́ńtì gba 70, oúnjẹ gba 50, àwọn kéékèèké méje yòókù sì pín 50 láàárín ara wọn.

Ìṣirò àkọ́kọ́: kí ni wọ́n sẹ́ gan-an? Ṣíà ni wọ́n sọ, ṣíà sì jẹ́ 450 nínú 1,000. Ìdá 45 nínú 100 nìyẹn. Ìdá 55 tó kù kò gba inú asẹ́ kankan kọjá, bẹ́ẹ̀ ìpolówó náà ò parọ́, torí ó ní "gbogbo ṣíà wa", kò ní "gbogbo owó yín".

Tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ńkọ́? Owó yẹn wọ àpò ìjọba, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ohun tí ẹyọ náírà kan ṣe níbẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ìwé gbèsè aláwọ̀ ewé tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ tà ní oṣù Kejìlá 2017, bílíọ̀nù 10.69 náírà, ọlọ́dún márùn-ún, èlé ìdá 13.48 nínú 100 lọ́dún. Ti ìyẹn, wọ́n ti dárúkọ irú iṣẹ́ tí owó náà wà fún kí wọ́n tó tà á. Bí fọ́ǹdù bá ní ìwé gbèsè ìjọba, ẹ wò ó bóyá èyí tó lórúkọ iṣẹ́ lára ni àbí èyí tí kò ní.

Ìṣirò kejì ló wú wa lórí jù. Báńkì ò ṣe sìgá, kò pọn ọtí, nítorí náà ó kọjá lójú asẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà tí báńkì ń tà ni owó yíyá. Ta ló ń yá? Ìdáhùn wà nínú ìwé owó ọdọọdún báńkì náà, lẹ́yìn nínú àwọn àlàyé tó tẹ̀ lé ìṣirò, níbi tí wọ́n ti pín gbèsè tí wọ́n yá àwọn èèyàn sí ẹ̀ka iṣẹ́: epo àti gáàsì, ìṣòwò, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìkọ́lé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní nínú báńkì méjèèjì inú àpẹẹrẹ wa, epo àti gáàsì kó 28 nínú náírà 100 tí wọ́n yá jáde. Fọ́ǹdù náà ní mílíọ̀nù 190 nínú ṣíà báńkì, ó tún ní 150 tó wà ní báńkì lórí èlé. Ká ní báńkì méjì yẹn náà ló gbé owó sí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 340, ju ìdá kan nínú mẹ́ta fọ́ǹdù lọ díẹ̀. Bí báńkì bá yá gbogbo rẹ̀ jáde, ìdá 28 nínú 340 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 95. Báńkì kì í yá gbogbo owó jáde, nítorí náà iye gidi á kéré sí ìyẹn. Àmọ́ kò lè jẹ́ òfo, bẹ́ẹ̀ a ò rí orúkọ ilé-iṣẹ́ epo kankan nínú àkọsílẹ̀ fọ́ǹdù náà.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ṣíà tó ń tà dáadáa lọ́jà jẹ́ ti báńkì, bíi ti Nàìjíríà níbí, orí báńkì ni asẹ́ àyíká ti sábà máa ń jò. Ẹ̀yin náà ẹ ka iye báńkì tó wà láàárín ọjà mẹ́wàá tó tóbi jù nínú fọ́ǹdù tí wọ́n ń polówó fún yín.

Ìṣirò kẹta ò gba àkókò. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ ọjà mẹ́wàá yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fọ́ǹdù ṣíà kan tí kò ṣèlérí nǹkan kan, ọ̀dọ̀ alábòójútó kan náà bó bá ṣeé ṣe. Bí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ wá wo owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún lórí méjèèjì. Bí èyí tó ní òun ń tẹ̀ lé ìlànà ìwà rere bá wọ́n jù, orúkọ lẹ ń sanwó rẹ̀.

Ṣé wọ́n ti mú ẹnikẹ́ni rí?

Wọ́n ti mú wọn, ibi tí wọ́n ti mú wọn sì jọ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wò yìí. Ní oṣù karùn-ún 2022, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù 1.5 dọ́là jẹ ẹ̀ka kan lábẹ́ báńkì BNY Mellon níyà. Ẹ̀ka náà ti jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé gbogbo ohun tó wà nínú àwọn fọ́ǹdù kan ló ti gba àyẹ̀wò ESG kọjá. Nínú ọ̀kan, láàárín oṣù kìíní 2019 àti oṣù kẹta 2021, 67 nínú ohun 185 tí wọ́n rà ni kò ní máàkì kankan lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Asẹ́ wà, àmọ́ wọn ò da gbogbo ògì sí i.

Ní oṣù kọkànlá 2024, àjọ kan náà gba mílíọ̀nù 17.5 dọ́là lọ́wọ́ Invesco, ilé-iṣẹ́ kan tó ń bójú tó fọ́ǹdù. Invesco ti ń sọ fún oníbàárà láàárín 2020 àti 2022 pé ìdá 70 sí 94 nínú 100 owó tó wà lọ́wọ́ àwọn ni ọ̀rọ̀ àyíká àti àwùjọ wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó pọ̀ nínú ìyẹn wà nínú àwọn fọ́ǹdù tó kàn ń ra gbogbo ohun tó bá wà lórí àkọsílẹ̀ ọjà kan láì yan ọ̀kankan, tí kò sì ro ọ̀rọ̀ àyíká rárá. Fọ́ǹdù bẹ́ẹ̀ ò ní ibi tí èèyàn ti lè ronú kó tó rà. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, wọ́n sanwó láì jẹ́wọ́, láì sì sẹ́.

Asẹ́ wo ló rọrùn láti yẹ̀ wò jù?

Lójú tiwa, nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, asẹ́ Ṣàríà ló ṣe kedere jù, ẹni tó ń lò ó ì báà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Ohun tó fà á ni pé wọ́n fi nọ́ńbà sí i. Nínú ìlànà AAOIFI, àjọ tó ń gbé ìlànà ìnáwó Ìsìláàmù kalẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé, owó tí ilé-iṣẹ́ rí látinú ohun tí kò tọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ, gbèsè elélé rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú 100 iye tí ọjà ń ra ilé-iṣẹ́ náà lọ. Báńkì elélé ò sì lè kọjá rárá, torí náà ihò tó wà nínú àpẹẹrẹ wa ò sí níbẹ̀. Owó díẹ̀ tó bá ti ibi tí kò tọ́ wá, wọ́n á yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún àánú. Ẹnikẹ́ni lè mú ìwé owó ilé-iṣẹ́, kó ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Àmọ́ asẹ́ yìí pẹ̀lú ò sọ nǹkan kan nípa èéfín. Onísìmẹ́ńtì tí gbèsè rẹ̀ kéré á kọjá níbẹ̀ náà.

Kí la lè béèrè lọ́wọ́ alábòójútó?

Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ ní ímeèlì, kí ìdáhùn lè wà ní àkọsílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin tó. Ìdá mélòó nínú gbogbo owó fọ́ǹdù, kì í ṣe nínú ṣíà nìkan, ló gba inú asẹ́ kọjá? Kí ni òdiwọ̀n fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ ní ẹ yọ, ta sì ló fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ ń lò? Nínú ọdún méjì tó kọjá, ilé-iṣẹ́ wo lẹ yọ kúrò tàbí tí ẹ kọ̀ láti rà nítorí asẹ́ yìí nìkan? Bí ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín bá rú òfin, ọjọ́ mélòó lẹ ní láti tà á?

Ìbéèrè kẹta ló máa ń ya òótọ́ kúrò lára irọ́. Asẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì yẹ kó ní èérí nínú. Bí wọ́n bá ní kò tíì sí ẹyọ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n yọ ò sí lára ohun tí wọ́n fẹ́ rà tẹ́lẹ̀. Fọ́ǹdù Nàìjíríà tó bá ní òun ò ra ohun ìjà ò tíì fi nǹkan kan du ara rẹ̀, torí mélòó ni ilé-iṣẹ́ ohun ìjà tó ń ta ṣíà l'Ékòó? Fún ìbéèrè kẹrin, ìdáhùn tó dára máa ń ní iye ọjọ́, 90 fún àpẹẹrẹ. "Nígbà tí ọjà bá fàyè gbà á" kì í ṣe iye ọjọ́. Bí wọ́n bá dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹ padà sínú pirọsipẹ́kítọ́ọ̀sì lọ wò ó bóyá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà nìyẹn.